Lẹ́tà dé, mo gbẹ́nu dákẹ́

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni, inú mi ò tíì rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́ mìíràn nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu èyí tí ẹ ń ṣe, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àǹtí tó ń bá iléeṣẹ́ kan wá akáúńtáǹtì kọ́kọ́ pè mí, ó bi mí pé èló ni mo fẹ́, ìgbà wo ni mo sì lè bẹ̀rẹ̀. Mo ní ₦280,000, ọ̀sẹ̀ méjì. Òótọ́ ni lọ́jọ́ náà. ₦220,000 ni mò ń gbà, wọn ò sì tíì fi mí múlẹ̀ níbi iṣẹ́.

Kò pẹ́ ni lẹ́tà ìfimúlẹ̀ dé. Owó mi di ₦270,000. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé bí mo bá fẹ́ lọ, kí n sọ ní oṣù kan ṣáájú, tàbí kí n san owó oṣù kan fún wọn. Mo rántí àǹtí yìí, ẹ jẹ́ n má parọ́. Mo kàn ní kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn mi ná. Ìntafíù méjì ni mo ṣe, n ò mẹ́nu bà á.

Inú ọkọ̀ ni mo wà nígbà tó pè. “Ẹ kú oríire sà! Ọ̀gá ti buwọ́ lù ú, ₦280,000.” Mo ní, “Ẹ má bínú mà, lẹ́tà ìfimúlẹ̀ mi ti dé níbi tí mo wà, ó ti di ₦340,000, ó sì di oṣù kan.” Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì wọn. Ó wá ní, “Ìgbà wo ni lẹ́tà yẹn dé?” Mo sọ ọ́. “Ṣé kí ẹ tó ṣe ìntafíù àkọ́kọ́ ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìtìjú yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí mi. Ó ní ká ní mo ti sọ ọ́ nígbà náà, òun ìbá ti fi síwájú ọ̀gá kó tó buwọ́ lù ú. Bí òun bá padà lọ báyìí, wọ́n á ní òun ò mọṣẹ́.

Wọ́n padà fún mi ní ₦310,000, wọ́n sì gbà láti dúró dè mí. Ó tán síbẹ̀.

Àwọn kan ní ojúkòkòrò ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ṣé kí n tìtorí ₦10,000 fi iṣẹ́ tí wọ́n ti fi mí múlẹ̀ sílẹ̀? Owó tí mo béèrè kọ́ ni mo fi ṣẹ̀, ọjọ́ tí mo sọ ọ́ ni.

Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé gan-an ni kí ẹ pe ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ tuntun náà wá èèyàn, kí ọ̀gá ibẹ̀ tó rí iye kankan. Lẹ́yìn ìpè, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kó lè rí nǹkan fi hàn wọ́n: “Ẹ káàsán mà. Wọ́n fi mí múlẹ̀ lónìí, owó mi sì ti lé sí ₦270,000. ₦340,000 ni mo ń fẹ́ báyìí, mo sì nílò oṣù kan kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí èyí bá ju agbára wọn lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ fún mi.” Kí ẹ sọ bóyá kí wọ́n tó yọ owó orí àti pẹ́ńṣọ̀n ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, èmi ò sọ ìyẹn náà, ₦310,000 tí mo gbà yìí, wọn ò tíì yọ nǹkan kan nínú ẹ̀.