Ìdí tí a fi fi òpin sí ofatáìmù ní wákàtí 8 lọ́sẹ̀

Sí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ṣíìfù:

Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 8 ofatáìmù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wákàtí 48 tí a jọ fẹnu kò sí kò yí padà. Tí a bá ro 8 mọ́ ọn, 56 ni òpin. Láàárín ọjọ́ kan, ofatáìmù kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 2, wákàtí méjèèjì náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ nídìí ẹ̀rọ mílíìnì. Ẹ lè fi dì búrẹ́dì sí ọ̀rá, ẹ lè fi fọ páànù tàbí kí ẹ fi bọ́tà pa á. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Àìkú ló parí. Wákàtí tí ẹnìkan kò lò lọ́sẹ̀ yìí kò ní wọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sì lè yá ẹlòmíràn.

Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé owó òṣìṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ fẹ́ fi pa mọ́. N óò dé orí ọ̀rọ̀ owó, n óò sì ṣe ìṣirò rẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n ìdí àkọ́kọ́ ni àpò fúláwà mẹ́ta tí a pò lóru ọjọ́ Ẹtì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH wọlé. Ẹ̀yin olórí ṣíìfù, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ kiri nípa òru náà, pé ẹni tó po fúláwà nìkan ló jẹ̀bi, kì í ṣe òótọ́.

Ẹni tó ń po fúláwà lóru ọjọ́ náà ti wọlé láti aago 2 ọ̀sán. Aago 10 alẹ́ ló yẹ kó lọ sílé, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó gbà á kò wá, wọ́n bá ní kó máa bá a lọ. Nígbà tó fi di aago 3 òru, ó ti wọ wákàtí 13. Ẹ mọ ìwọ̀n wa fún àpò 50 kílò kan: ṣúgà, bọ́tà, gíráàmù 300 yíìsì àti gíráàmù 600 iyọ̀, kálukú nínú abọ́ tirẹ̀. Ó wọn iyọ̀ àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó da ti àkọ́kọ́ sí i. Abọ́ méjì yòókù wà lábẹ́ ọ̀rá bọ́tà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun tó dùn mí jù kọ́ ni pé ó gbàgbé. Iyọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà mẹ́ta lóru yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Fúláwà tí kò ní iyọ̀ máa ń rọ̀, ó máa ń lẹ̀, nítorí pé iyọ̀ ló ń jẹ́ kí fúláwà tí a pò ki, kó sì le dáadáa. Nígbà tó dé orí mílíìnì, ó ń lẹ̀ mọ́ irin. Ẹni tó wà níbẹ̀ rò pé omi ló pọ̀ jù, ó wọ́n fúláwà gbígbẹ lé e lórí, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun náà ti lo wákàtí 11. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú kíákíá nínú páànù, torí iyọ̀ náà ló máa ń kó yíìsì níjàánu. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni tiwa máa ń gbà kó tó wú dé etí páànù. Èyí kò tó wákàtí méjì tó fi dé ibẹ̀, ààrò kò sì tíì ṣófo. Ìgbà tí wọ́n máa fi wọ̀ ọ́ sínú ààrò, àárín rẹ̀ ti ń jìn. Tí wọ́n bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ ni, ojú ìka ì bá dúró síbẹ̀ láìpadà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni pé àwọ̀ rẹ̀ kò pọ́n nínú ààrò. Yíìsì tí kò ní ìjánu ti jẹ púpọ̀ nínú ṣúgà tó yẹ kó pọ́n ẹ̀yìn búrẹ́dì. Ẹni tó wà nídìí ààrò rò pé iná ló rẹlẹ̀, ó ki igi bọ̀ ọ́, ó sì fi í sílẹ̀ kó pẹ́ sí i. Inú rẹ̀ gbẹ táútáú.

Àwọn obìnrin tó ń tà ní Tàkìé gbé e lọ ní ìdájí. Kí aago 9 tó lù, wọ́n ti ń gbé e padà bọ̀. Àpò méjì, nǹkan bí 200 búrẹ́dì, ló di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, orí ọmọ tó po fúláwà ni gbogbo ènìyàn dá a lé. Àwọn kan ní kí a yọ gbogbo owó náà nínú owó oṣù rẹ̀. Mo kọ̀, n óò sì máa kọ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló rí àmì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ara rẹ̀ ṣì wà nípò tó fi lè dúró béèrè pé, “Kí ló dé?” Ohun tí àárẹ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọpọlọ ti ń wá àlàyé tó rọrùn jù kí iṣẹ́ má bàa dúró. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa to abọ́ sí ìlà, kí ẹ máa da abọ́ òfìfo dé, kí ẹ sì fi ahọ́n tọ́ díẹ̀ wò kí fúláwà tó kúrò nínú ẹ̀rọ ìpo. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ojú tó ń tòògbé kì í ka abọ́.

Ìdí kejì tí mo fẹ́ kọ ni mílíìnì, àmọ́ mi ò lè fi nọ́ńbà sí orí rẹ̀ bíi pé ó dọ́gba pẹ̀lú iyọ̀. Iyọ̀ jẹ fúláwà ni, mílíìnì ń jẹ ọwọ́. Irin méjì ló ń yí sínú ara wọn, fúláwà sì máa ń fa ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn wọlé. Fífi ọwọ́ ti nǹkan kan náà sínú ẹ̀rọ kan náà, lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ fún àpò kan, kò sí iṣẹ́ tó ń mú oorun wá tó o. Láàárín aago 2 sí 5 òru sì ni ara ènìyàn máa ń fẹ́ sùn jù lọ, ì báà sùn lọ́sàn-án. Ẹni tó ń tòògbé kì í tètè ju fúláwà sílẹ̀, kì í sì rántí bọ́tìnì tí a fi ń pa ẹ̀rọ. Olórí ṣíìfù tó bá fi ẹni tó ti lo wákàtí 8 sídìí mílíìnì nítorí pé “ó mọ̀ ọ́n ṣe” kò ràn án lọ́wọ́. Kí ó má ṣe sọ fún mi pé ọmọ náà ló bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀ yóò bẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti sọ pé rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí ofatáìmù ti ń wá, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í fi búrẹ́dì kan kún ọjà. Ààrò wa kì í gbà ju búrẹ́dì àpò kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni márùn-ún bá ń po fúláwà, ààrò kò ní tìtorí ẹ̀ fẹ̀ sí i. Pípò, mílíìnì, wíwọ̀n àti dídì sí páànù gba bí ìṣẹ́jú 50. Wíwú gba wákàtí méjì ààbọ̀. Yíyan gba ìṣẹ́jú 40. Wákàtí 4 gbáko ni. Fúláwà tí a ti pò kì í ṣe búlọ́ọ̀kù tí a lè fi sílẹ̀ di ọ̀la. Nítorí náà, bí ṣíìfù ọ̀sán bá bu omi sí àpò tuntun láago 8 alẹ́, ó ti dá ofatáìmù sílẹ̀ títí di aago 12, kódà tí iná NEPA kò bá lọ. Láti ìsinsìnyí, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa kà á wá. Bí búrẹ́dì bá gbọ́dọ̀ jáde láago 5 ìdájí, aago 1 ni kí fúláwà wọ ẹ̀rọ ìpo. Bí ó bá ku ohun tó dín ní wákàtí 4 kí ṣíìfù parí, ẹ má po àpò tuntun àyàfi tí olórí ṣíìfù tó ń bọ̀ bá ti gbà láti parí rẹ̀.

Ó kan owó. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦78,000 ń ṣe wákàtí 208 lóṣù, ìyẹn ₦375 fún wákàtí kan. Ìlọ́po kan àti ààbọ̀ la ń san fún ofatáìmù, ₦562.50. Ẹni mẹ́fà tó wà nídìí ìpo, mílíìnì àti ààrò ti ń ṣe tó wákàtí 24 ofatáìmù lọ́sẹ̀, kálukú ń gba ₦13,500 lórí rẹ̀. Lábẹ́ òfin tuntun, ₦4,500 ni. Ẹni kan yóò pàdánù ₦9,000 lọ́sẹ̀, mi ò sì ní fi bò yín lójú.

Ṣùgbọ́n wákàtí 16 tí a gé lára ẹni mẹ́fà jẹ́ 96, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ènìyàn méjì gan-an. A óò gba ènìyàn méjì. Owó àwọn méjèèjì jẹ́ ₦36,000 lọ́sẹ̀, ofatáìmù tí a gé sì jẹ́ ₦54,000. ₦18,000 tó ṣẹ́ kù kò ní wọ àpò ilé iṣẹ́. A óò pín in mọ́ owó ọ̀sẹ̀ àwọn mẹ́fà náà, ₦3,000 kálukú, yálà ọ̀sẹ̀ náà gbóná tàbí kò gbóná. Ohun tí ẹ pàdánù ku ₦6,000. Ó ṣì dun ènìyàn, mo mọ̀.

Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà kò dárúkọ iye wákàtí tí ofatáìmù kò gbọdọ̀ kọjá. Ó kàn ní kí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ sinmi, kí ìsinmi náà má dín ní wákàtí kan lápapọ̀, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ 7. Àwa la mú 56. Lọ́dún 2014, John Pencavel ti Yunifásítì Stanford tú ìwé àwọn ilé iṣẹ́ ọta ìbọn ilẹ̀ Bìrìtìkó nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní wò. Ó rí i pé iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe jáde ní wákàtí 70 kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti wákàtí 56 lọ. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé kéde pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 sókè lọ́sẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 súnmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Nítorí náà, ẹ má ka 56 sí ibi tó yẹ kí ẹ máa dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ óò ṣe máa ṣe é nìyí. Kí ofatáìmù tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ, aago, ìdí, àti iye tó ti ṣe lọ́sẹ̀ náà. Bí ẹnìkan bá ṣe é láìsí àkọsílẹ̀, a óò san owó rẹ̀ fún un, torí ó ti ṣiṣẹ́. Olórí ṣíìfù ni yóò wá ṣàlàyé lọ́dọ̀ mi. Bí iná bá lọ nígbà tí fúláwà ti wà nínú páànù, ẹ parí èyí tó wà nínú páànù, ẹ má po òmíràn. Ẹni tí irú ìyẹn bá mú kọjá wákàtí 2 gbọ́dọ̀ ní wákàtí 12 láàárín ìgbà tó lọ sílé àti ìgbà tó padà wá. Wákàtí iṣẹ́ tí ìyẹn bá sì jẹ nínú ṣíìfù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, a kò ní yọ ọ́ nínú owó rẹ̀.