Áàpù tó wọ fóònù màmá mi tó kọ̀ tí kò jáde

Màmá mi ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, fóònù mi ti ń ṣí ara rẹ̀ o. Mo kàn gbé e kalẹ̀ ni, ló bá ń sọ fún mi pé fáírọ́ọ̀sì mẹ́tàlá wà nínú rẹ̀." Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo rí i fúnra mi. Wọ́n á wà lórí ìpè, Chrome á dédé là lójú fóònù, ìpolówó á bò ó, ojú ewé kan á sì máa pariwo pé kí wọ́n tètè tẹ bọ́tìnnì kan.

Chrome ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo pa gbogbo ìtàn ìrìnkiri inú rẹ̀ rẹ́, mo sì padà sílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe mi ni pé mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú: ṣé búráúsà wà ní ṣíṣí nígbà tí nǹkan náà yọjú? Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn tẹ línkì lórí ìkànnì kan nìkan ló ń gbé e lọ síbòmíì, ìkànnì yẹn ni ká fura sí. Bó bá ń wá láti òkè bí ìfitónilétí, tí orúkọ Chrome àti àdírẹ́sì ìkànnì kan wà lára rẹ̀, àṣẹ tí a fún ìkànnì yẹn ló ń lò. Ṣùgbọ́n bí ìpolówó bá ń yọ nígbà tí kò sí búráúsà kankan ní ṣíṣí, a jẹ́ pé áàpù kan ló fara pamọ́ tó ń rán Chrome níṣẹ́. Ti màmá mi nìyẹn.

Bí mo ṣe rí i mú rọrùn. Mo dúró títí ìpolówó fi yọ, mo sì tẹ bọ́tìnnì tó ń fi àwọn áàpù tó wà ní ṣíṣí hàn. Èyí tó gbé ìpolówó náà wá kò ní orúkọ, àwòrán rẹ̀ sì funfun báláú. Mo wá lọ sí `Settings`, mo tẹ `Apps`, mo ṣí gbogbo rẹ̀ pátá, mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ọ̀kan tó ń jẹ́ "System Service", àwòrán rẹ̀ dà bíi ti Settings gan-an, bẹ́ẹ̀ kò sí lára àwọn áàpù tí màmá mi máa ń rí lójú fóònù. Nísàlẹ̀ ojú ewé áàpù tí wọ́n bá gbà láti Play Store, fóònù máa ń sọ pé ibẹ̀ ló ti wá. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún èyí. Ìgbà yẹn ni màmá mi rántí pé ìkànnì kan ti ní kí àwọn ṣe àtúnṣe nǹkan kan kí fídíò tó lè ṣí.

Mo fẹ́ tẹ `Uninstall`, bọ́tìnnì náà ti kú, kò ṣeé tẹ̀. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀rètí nù, bẹ́ẹ̀ ó nídìí. Áńdíróìdì ní ipò kan tó ń fún áàpù, tó ń sọ ọ́ di alábòójútó fóònù. Níwọ̀n ìgbà tí áàpù bá wà nípò náà, a ò lè yọ ọ́ kúrò. A ní láti gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ná. `Device admin apps` ni wọ́n ń pe ibi tí a ti ń rí wọn, abẹ́ ètò ààbò nínú `Settings` ló sì máa ń wà. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ yàtọ̀ láti fóònù dé fóònù, torí náà ẹ kúkú kọ `device admin` síbi ìwákiri tó wà lókè `Settings`.

Ti màmá mi ní mẹ́ta: Find Hub, tó ń bá èèyàn wá fóònù tó bá sọnù, áàpù ímeèlì ibi iṣẹ́ wọn, àti "System Service" yẹn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ní ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Mo tẹ ìkẹta, agbára tí wọ́n fún un ni `Erase all data` àti `Lock the screen`. Èmi gbà pé áàpù fídíò, iná tọ́ọ̀ṣì tàbí eré kò ní iṣẹ́ kankan tó lè mú un nílò agbára láti nu fóònù nù.

Mo tẹ bọ́tìnnì tó wà fún gbígba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkìlọ̀ kan sì yọ pé gbogbo nǹkan inú fóònù ló máa parẹ́. Ẹ̀rù ba màmá mi gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ èyí: áàpù fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yẹn, kì í ṣe fóònù. Síbẹ̀, áàpù tó ní agbára `Erase all data` lè nu fóònù lóòótọ́, nítorí náà mo kọ́kọ́ kó fọ́tò àti nọ́ńbà àwọn èèyàn wọn sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, kí n tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀, fóònù fò padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yẹ `Accessibility` wò nínú `Settings`, ìyẹn ètò tó ń ran àwọn aláìlera lọ́wọ́ láti lo fóònù, mo sì rí i pé ó ti gba àṣẹ níbẹ̀ náà. Àṣẹ yìí ló ń jẹ́ kó rí ohun tí mo ń ṣe, kó sì máa tẹ bọ́tìnnì mọ́ mi lọ́wọ́.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni `Safe mode`, nítorí pé áàpù tí a fọwọ́ ara wa gbé wọlé kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń pa fóònù mọ́lẹ̀ títí `Power off` yóò fi hàn, kí ẹ wá tẹ `Power off` yẹn fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi bi yín bóyá ẹ fẹ́ wọ `Safe mode`. Ẹ óò rí orúkọ náà ní igun ìsàlẹ̀ nígbà tó bá tàn padà. Mo pa àṣẹ `Accessibility` rẹ̀ ná, mo gba ipò alábòójútó lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá tẹ `Uninstall`. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lọ. Mo pa fóònù, mo sì tún un tàn kó lè jáde nínú `Safe mode`.

Mo rò pé ó ti parí, àfi bí nǹkan ṣe tún yọ láti òkè lẹ́yìn wákàtí méjì pé fáírọ́ọ̀sì wà. Òmíràn tún nìyí. Nínú Chrome, mo lọ sí `Settings`, `Site settings`, `Notifications`, mo bá ìkànnì mẹ́rin tí màmá mi kò mọ̀ rí. Wọ́n ti tẹ `Allow` fún wọn láìmọ̀. Mo tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì dí i. Láti ìgbà náà ni ariwo ti dákẹ́.

Mo tan Play Protect, tó ń yẹ áàpù wò bóyá ó léwu, padà nínú Play Store, torí pé ìkànnì fídíò yẹn ti ní kí màmá mi pa á. Mo sì gba àṣẹ `Install unknown apps`, tó ń jẹ́ kó lè gbé áàpù wọlé láìgba Play Store, lọ́wọ́ Chrome. Orí fóònù tèmi la ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì àti ímeèlì wọn padà, nítorí áàpù tó ní àṣẹ `Accessibility` lè ka ohun tí wọ́n ń tẹ̀.

Bó bá jẹ́ fóònù tí ibi iṣẹ́ fún yín ni, ẹ má fọwọ́ kan alábòójútó tó wà níbẹ̀ láìbi wọ́n. Bí áàpù bá sì kọ̀ láti jáde nínú `Safe mode` náà, ó kù kí ẹ dá fóònù padà sí bó ṣe wà nígbà tí ẹ rà á. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ rí i pé ẹ rántí ọ̀rọ̀ aṣínà Google yín, fóònù lè bèèrè rẹ̀ kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé. Nígbà tí ẹ bá sì ń kó nǹkan padà, ẹ máa gba áàpù lọ́kọ̀ọ̀kan láti Play Store. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn padà lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ẹ lé jáde lè bá wọn wọlé.