Ẹ Má Fi Gígé Aṣọ Pamọ́ fún Ọmọṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fìríìdọ̀mù nídìí iṣẹ́ télọ̀, tí ẹ ti ń gba ọmọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ṣì í.

Ọmọ kan bá mi ṣe àdéhùn ọdún 3. Kò tíì lo ọdún 2 tó fi mọ búláùsì rán dáadáa. Àmọ́ alẹ́ ni mo máa ń gé aṣọ, lẹ́yìn tí àwọn ọmọṣẹ́ bá ti lọ sílé. Mo rò pé bí kò bá mọ gígé, kò níbi tó máa lọ. Ó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ojúlé kẹta sí tèmi. Gígé nìkan ni mo fi pamọ́ fún un, òun náà wá gbà pé gígé nìkan ló kù tóun ò mọ̀.

Láti ìgbà náà, bí ọmọ bá ti mọ sípù fi sáṣọ, mo máa ń fún un ní téèpù, sísọ́ọ̀sì àti ìwé ìròyìn àtijọ́. Bí àyà bá jẹ́ ínṣì 40, ó máa pín in sọ́nà 4, ó di 10, á fi ínṣì 1 kún un fún ojú rírán àti ààyè mímí. Lẹ́yìn náà ló máa gé e lórí àjákù sátíìnì, kó sì rán an. Ọ̀kan nínú wọn gé apá aṣọ lẹ́yọ lẹ́yọ, kò ká aṣọ náà pọ̀ lójúkojú. Nígbà tó rán an tán, ó ké: "Àǹtí, apá ọ̀tún méjì ni!" Bó bá sì yí ọ̀kan padà, ẹ̀yìn sátíìnì tí kì í dán ló máa wà níta. Ká ní léèsì oníbàárà ni, a máa rà á padà ni. Lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun ò tíì lè gba aṣọ ẹnikẹ́ni. Kó tó pé ọdún 2, òun ló ń gé gbogbo bùbá àti aṣọ ọmọdé, èmi wá ráyè fún aṣọ ẹbí.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà lára ohun tó ń lé ọmọ lọ. Ó ń rán aṣọ, ó ń rí i tí mò ń kówó, ọwọ́ tirẹ̀ ṣófo. Ní báyìí, aṣọ tí ọmọ bá dá rán tí oníbàárà sì gbà, ìdá 1 nínú 10 owó ìránṣọ jẹ́ tirẹ̀. A máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, aláàjọ a sì gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó máṣínì rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ebi ń pa nílé, mo máa ń fún un ní ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá sì lọ kí àsìkò tó pé, mi ò ní gbẹ́sẹ̀ lé e, torí àwọn tó kù ń wò mí.

Ọjọ́ fìríìdọ̀mù tí ẹ kọ sínú àdéhùn níwájú òbí rẹ̀, ẹ má fi oṣù kan lé e. Ọmọ tó gé apá ọ̀tún méjì yẹn ti gba tirẹ̀. Máṣínì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ ló ń bá mi rán aṣọ, tí mò ń sanwó fún un lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan.