Bí mo ṣe ka Àkábà Ìdẹ̀nà sókè

Ẹ gbà mí o, àbúrò mi ló di fóònù mú tó ń ya mí ní fídíò ní Kétu ti ilẹ̀ Benin lárọ̀ yìí, èmi ń ka ohun tí mo kọ nípa ẹnu ibodè wa, n ò tíì ka gbólóhùn kìíní tán tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mí díẹ̀."

Gbólóhùn ọ̀hún nìyí: "Àkábà Ìdẹ̀nà, tí í ṣe ẹnu ibodè ìlú Kétu tí ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó ní 1886, ni àwọn àlejò máa ń gbà wọ ìlú láyé àtijọ́." Lórí ìwé, ó dùn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu, àárín "tí" méjèèjì yẹn ni èémí ti ń tán, ẹni tó ń gbọ́ ò sì lè fojú padà sẹ́yìn bíi ti ẹni tó ń kàwé.

Mo bá mú bírò, ibi tí èémí ti já ni mo fàlà sí, "tí" kọ̀ọ̀kan wá di gbólóhùn tiẹ̀:

"Ẹ wo ibodè yìí. Àkábà Ìdẹ̀nà ni. Ibí làlejò ń gbà wọ Kétu láyé àtijọ́. Àfi ìgbà tí ogun Dàhọ̀mì dé. Wọ́n kó ìlú. 1886 ni."

Ọdún yẹn kẹ́yìn, kó lè dún létí. Mi ò kàn gé gbogbo ẹ̀ kúrú o, torí kúkúrú-kúkúrú láìdáwọ́ dúró á dà bí ìgbà téèyàn ń ka orúkọ ní kíláàsì, mo jẹ́ kí ọ̀kan gùn díẹ̀ láàárín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fídíò, ṣé èémí yín náà máa ń tán báyìí?