Íntígírà e^(-x²): ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára ìdáhùn tí kò tọ̀nà

Bí yunifásítì bá ti wà ní ìsinmi, àwọn ọmọ wa tó ń ka sáyẹ́ǹsì máa ń yà sọ́dọ̀ mi ní Kàbà, ìwé matimátíìkì lábẹ́ abíyá. Ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: báwo ni a ṣe ń ṣe íntígírà e^(-x²)? Ọmọ Mọ́pà kan kò tilẹ̀ bi mí. Ó kí mi, “Ọ̀kún o, Tíṣà,” ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ti rí i:

-e^(-x²)/(2x) + C

Ó ti fi u rọ́pò -x², ó sì pín ìdáhùn pẹ̀lú -2x, bí ẹni pé -2x jẹ́ nọ́ńbà lásán tí kì í yí padà. Mi ò fa igi lé e. Mo ní kó dífẹrẹńṣiéètì rẹ̀ padà níwájú mi. Ohun tó jáde ni e^(-x²) tí à ń wá, ṣùgbọ́n kò dá wá. Ó mú e^(-x²)/(2x²) lọ́wọ́.

“Ẹ jẹ́ n lé e kúrò, sà,” ló wí. Ó fi e^(-x²)/(4x³) kún ìdáhùn. Lóòótọ́, àjẹkù àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ òmíràn ti jókòó sípò rẹ̀: -3e^(-x²)/(4x⁴). Ó tún lé ìyẹn, òmíràn tún yọjú. Bí ó bá ṣe é títí di ọjọ́ ọjà míì, àjẹkù kò ní tán.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń fẹ́ kí ọmọ bá ọ̀rọ̀ náà. Tí o bá sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé “kò ṣeé ṣe”, yóò rò pé o kò mọ̀ ọ́n ni. Nígbà tó bá ti lé àjẹkù títí tó rẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè ìdí.

Joseph Liouville, ará Faransé, ló ṣí ìdí náà payá nínú iṣẹ́ tó ṣe láàárín ọdún 1833 sí 1841. Ohun tó fi hàn, tí a bá mú un bá ọ̀rọ̀ tiwa mu, ni pé bí íntígírà e^(-x²) bá ṣeé kọ pẹ̀lú páwà, rúùtù, lọ́ọ̀gì, sáìnì àti àwọn ẹbí wọn, ìrísí kan ṣoṣo ló lè ní: R·e^(-x²). R yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ pòlínómíà tàbí pòlínómíà tí a fi òmíràn pín, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin yìí ló gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà, torí pé kò sí pé à ń dán ọ̀nà ẹgbẹ̀rún wò mọ́. Dífẹrẹńṣiéètì R·e^(-x²), kí o sì yọ e^(-x²) kúrò ní ìhà méjèèjì. Ohun tó kù ni:

R' − 2xR = 1

Ṣé R kan wà tó lè ṣe èyí? Ká ní R ní ìsàlẹ̀ tó ń di òdo níbì kan, ní x = c. Níbẹ̀, R ń fò sókè bí 1/(x−c)ⁿ. R' yóò fò jù ú lọ ní ìpele kan, bí 1/(x−c)ⁿ⁺¹, nígbà tí 2xR kò lè kọjá n. Kò sí ohun tí yóò pa fífò R' rẹ́, bẹ́ẹ̀ 1 tó wà lápá ọ̀tún kì í fò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Mọ́pà gan-an nìyẹn: ó mú R = -1/(2x), R' sì bí 1/(2x²) fún un. Gbogbo àtúnṣe rẹ̀ ń sọ ìsàlẹ̀ di jíjìn sí i ni.

Ó wá ku kí R jẹ́ pòlínómíà lásán. Bí páwà tó ga jù nínú rẹ̀ bá jẹ́ d, 2xR yóò ní páwà d+1, R' kò sì lè dé ibẹ̀ láé. Nítorí náà apá òsì gbọ́dọ̀ ní x nínú, kò lè jẹ́ 1. Ọ̀nà méjèèjì ti dí. (Bí c bá tilẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà tó ní √−1 nínú, àlàyé náà kò yí padà.)

Fi x·e^(-x²) wé e. Níbẹ̀ ohun tí à ń wá ni R' − 2xR = x, R = -½ sì ti yanjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ ìlà yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Liouville kò sọ pé kò sí àyè lábẹ́ ìlà e^(-x²) o. Àyè náà wà, a sì lè wọ̀n ọ́n. Láti 0 dé 1, bí mo ṣe ń ṣe é ni kí n tú e^(-x²) sí 1 − x² + x⁴/2 − x⁶/6 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí n sì íntígíréètì wọn níkọ̀ọ̀kan:

1 − 1/3 + 1/10 − 1/42 + 1/216 − 1/1320 + 1/9360

Èyí fún wa ní 0.746836. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 1/75600. Torí pé àmì ń yí padà láti ìkan sí èkejì, àṣìṣe wa kò lè jù ú lọ. Iye rẹ̀ gan-an jẹ́ 0.746824.

Má fi ọ̀nà kan náà lọ sí x = 3. Ó ṣì ń tọ̀nà nínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ìkan tó wà láàárín ga tó nǹkan bíi 190, ìdáhùn kò sì tó 0.89. Ìwọ ń yọ òkè kúrò lára òkè láti rí òkúta. Tí ọmọ bá ti gé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kù sí díjíìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lápapọ̀, pàǹtí ni yóò rí. Bí kalikulétọ̀ bá fún ọ ní ohun tó ju 0.8863 lọ, kò tọ̀nà, torí pé gbogbo àyè láti 0 dé àìlópin kò ju √π/2 lọ, ìyẹn 0.886227.

Ohun tó dára ni kí o wọn ìrù, láti 3 lọ sókè, kí o sì yọ ọ́ kúrò lára 0.886227. Ìrù náà sún mọ́ e^(-x²)/(2x). Ẹ wò ó dáadáa: ìdáhùn ọmọ Mọ́pà ló tún padà wá! Àjẹkù rẹ̀, 1/(2x²), kì í ṣe nǹkan ńlá mọ́ nígbà tí x bá tóbi. Ní x = 3, ó fún wa ní 0.0000206, nígbà tí ìrù gidi jẹ́ 0.0000196. Nítorí náà àyè láti 0 dé 3 jẹ́ nǹkan bíi 0.886206, ó sì fi ẹyọ kan péré lára mílíọ̀nù yàtọ̀ sí òótọ́.

Àwọn tó ń ka sìtátísíìkì, tí wọ́n ní tábìlì z lọ́wọ́, lè lo tábìlì náà. Ẹ kíyè sí i pé e^(-x²/2) ni wọ́n fi ṣe tábìlì, kì í ṣe e^(-x²). Láti 0 dé 1 tiwa, √2 ni kí ẹ wò nínú rẹ̀, ìyẹn z = 1.41. Ẹ ó bá 0.4207 níbẹ̀ bó bá jẹ́ tábìlì tó bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ẹ fi √π, 1.7725, sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di 0.7457. Ẹni tó bá wo z = 1 yóò parí sí 0.605, ó sì yẹ kí ojú tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, nítorí gíga ìlà náà ní àárín, ní x = 0.5, ti jẹ́ 0.7788.

Bí ìdánwò bá sì béèrè íntígírà náà láìní ààlà, kọ (√π/2)·erf(x) + C, kí o sì sọ pé erf ni orúkọ tí a fún àyè yìí láti 0 dé x lẹ́yìn tí a ti fi 2/√π sọ ọ́ di púpọ̀. Nínú Python, `math.erf` ló ń jẹ́.