Kábínẹ́ẹ̀tì màmá Bódìjà

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá tí mo fi ìwé iye owó kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná ránṣẹ́ sí màmá kan ní Bódìjà, wọn ò fèsì. Wọ́n kúkú ti kà á lórí Wasáàpù. Mi ò fẹ́ bi wọ́n pé "kí lẹ wí?", torí ó máa dà bíi pé mo wá sin gbèsè. Mo kọ ọ́ báyìí láàárọ̀:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Iye owó pákó tí mo kọ síwèé ò ní yí padà títí di Jímọ̀. Ṣé kí n yọ ti òkè kúrò ná, ká fi ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀?"

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n pè. Owó ló pọ̀ jù, ojú ló ń tì wọ́n láti sọ. Ti ìsàlẹ̀ la máa kọ́kọ́ ṣe.