Káàdì Gíráfíìkì Ń Gbé Àwòrán Jáde, Ṣùgbọ́n Léènì Mélòó Ló Ń Lò?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti ki káàdì gíráfíìkì bọ mọ́dábọ́ọ̀dù tán, tí àwòrán yọ lójú sùkíríìnì, tí fáànù sì ń yí, a gbà pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn, a ó sì dé ẹ̀rọ padà. Àwòrán tó yọ kò tíì fi hàn pé káàdì náà jókòó síbi tó yẹ. Léènì ni ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín káàdì àti bọ́ọ̀dù; ẹyọ kan ṣoṣo ti tó fún káàdì láti gbé àwòrán jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ṣe é láti máa lò.

Oníbàárà kan tó ń gé fídíò ìgbéyàwó ní Bódìjà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́kọ́lá. Ẹjọ́ tó rò ni pé bí òun bá ti to fídíò kámẹ́rà mẹ́ta pọ̀, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bẹ́ẹ̀ owó gidi lòun fi ra káàdì. RTX 3060 ni káàdì ọ̀hún, mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ B450, Ryzen 5 3600 sì ni pírósẹ́sọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti bá a tún Windows kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, kò sì yí ohunkóhun padà.

Kí ẹ tó mú ìdè-ṣúrúù, ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Lórí Windows, GPU-Z ni mo máa ń ṣí, ìlà tí mo sì ń wò ni `Bus Interface`. Ohun tí a rí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni `PCIe x16 4.0 @ x4 1.1`. Nọ́ńbà tó wà lára `x` ni iye léènì, èyí tó tẹ̀lé e ni eré wọn. Ohun tó wà ṣáájú àmì `@` ni agbára tí káàdì ní. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tó ń lò lásìkò náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí 1.1 yẹn kó yín láyà jẹ, nítorí pé káàdì tó ń sinmi máa ń dín eré rẹ̀ kù kó má baà jẹ iná lásán. Àmì ìbéèrè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà; ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ìdánwò inú rẹ̀ máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ka ìlà náà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Tiwa di `@ x4 2.0`. Eré ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iye léènì dúró sórí mẹ́rin, èyí sì ni ẹ̀rí tí mo ń wá, torí pé iye léènì kì í sábà yí padà bí eré ṣe ń yí padà.

Ẹni tó bá ń lo Linux lè béèrè ohun kan náà báyìí, bí káàdì náà bá jẹ́ ti NVIDIA:

```
sudo lspci -vv -d 10de::0300 | grep -E 'LnkCap:|LnkSta:'
```

`LnkCap` ni agbára rẹ̀, `LnkSta` ni ipò tó wà. Bí ẹ bá rí `(downgraded)` lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Width`, ó tọ́ kí ẹ wádìí rẹ̀ dé ìdí.

Nígbà tí a ṣí ẹ̀rọ, a rí i pé sílọ́ọ̀tì gígùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ki káàdì náà sí. Bóyá ẹni tó tò ó rò pé ó máa rí atẹ́gùn sí i níbẹ̀, tàbí pé gbogbo sílọ́ọ̀tì tó bá ti gùn ló dọ́gba. Wọn ò dọ́gba rárá. Tòkè, èyí tó sún mọ́ pírósẹ́sọ̀ jù, gba ọ̀dọ̀ pírósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ lọ tààrà pẹ̀lú léènì mẹ́rìndínlógún. Tìsàlẹ̀ gba ọ̀dọ̀ ṣípúsẹ́ẹ̀tì, léènì mẹ́rin péré ni wọ́n sì so mọ́ ọn, ní eré 2.0. Bí a bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bíi gígábáìtì 2 ló lè gba ìsàlẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí tòkè lórí bọ́ọ̀dù kan náà lè gbé nǹkan bíi 16. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú sílọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí i fúnra yín: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kì í sábà dé ìdajì tó fi tán, ìyókù á wá jẹ́ rọ́bà òfìfo. Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tí irin wọn kún tí léènì wọn kò sì pé, nítorí náà ìwé tó bá bọ́ọ̀dù wá ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

A pa ẹ̀rọ, a yọ wáyà iná lára ògiri, a sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. A tú ṣúrúù tó di káàdì mú lẹ́yìn, a yọ wáyà iná káàdì, a tẹ ahọ́n kékeré tó wà ní ìparí sílọ́ọ̀tì, a sì gbé káàdì lọ sókè. Ọmọ iṣẹ́ kan ní, “Ọ̀gá, ó ti wà lókè báyìí, ẹ jẹ́ ká dé e.” Mo ní kó kọ́kọ́ ka ìlà yẹn fún mi. `@ x8 3.0` ló kà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Léènì kì í dín kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́jọ ìkẹyìn kò bá fara kan irin dáadáa, káàdì àti bọ́ọ̀dù kò ní fohùn ṣọ̀kan lórí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́jọ ni wọ́n máa já sí. Nítorí náà, mẹ́jọ tí a rí yìí kò túmọ̀ sí pé ìdajì káàdì ti bàjẹ́. Eyín góòlù kan péré nídìí káàdì lè fà á. A tún wo káàdì láti ẹ̀gbẹ́, a sì rí ìlà góòlù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ lókè sílọ́ọ̀tì, ní apá ibi tí ahọ́n wà, nígbà tí apá kejì ti wọlé tán. Káàdì tó jókòó dáadáa kì í fi góòlù hàn. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́ ara ẹ̀rọ tí kò jẹ́ kó wọlé, eruku ọyẹ́ sì tún wà nínú sílọ́ọ̀tì. A fẹ́ eruku náà jáde, a fi ọtí aisopropaílì àti aṣọ tí kì í yọ òwú nu eyín káàdì, a jẹ́ kó gbẹ, a tú ìdí irin náà sílẹ̀ díẹ̀, a sì tẹ káàdì wọlé lọ́gbọọgba títí ahọ́n fi dún. Èmi kì í fi rọ́bà ìpàwérẹ́ nu ún bí àwọn kan ṣe ń ṣe, torí ó ń ha góòlù, ìdọ̀tí rẹ̀ a sì máa kù sílẹ̀.

Ó wá di `PCIe x16 4.0 @ x16 3.0`. Bó ṣe kù sí 3.0 kì í ṣe àléébù, B450 kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni pé nínú eré gẹ́ẹ̀mù, ẹ lè má fi ojú rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín mẹ́jọ àti mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n bí káàdì tó yẹ kó lo mẹ́rìndínlógún bá ń lo mẹ́jọ, mo kà á sí àmì pé ìfarakanra kan kò dára, mi ò sì ní dá a padà fún oníbàárà bẹ́ẹ̀. Àmọ́, ẹ má lọ máa wá ohun tí kò sọnù: RTX 4060 àti RX 6600, léènì mẹ́jọ ni wọ́n fún wọn láti ilé iṣẹ́, RX 6500 XT kò sì ní ju mẹ́rin lọ. Pírósẹ́sọ̀ náà lè jẹ́ òdiwọ̀n: Ryzen 3 3200G kò fún káàdì ní ju mẹ́jọ lọ, bó ti wù kí káàdì náà tóbi tó.

Lẹ́yìn tí a ti gbé ẹ̀rọ náà dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, a tún ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé káàdì tó wúwo lè fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní ìdúró. Bí ọ̀nà bá sì jìn, tó jẹ́ inú bọ́ọ̀tù máíkírà ni ẹ̀rọ máa wà, yíyọ ni mo máa ń yọ káàdì bẹ́ẹ̀, mo ń fi í sínú páálí rẹ̀, ẹni tó bá sì tún un kì bọ̀ ọ́ nílé oníbàárà ló gbọ́dọ̀ ka `Bus Interface` kó tó dé ẹ̀rọ.